Bí àwòrán bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lójú mọ́nítọ̀
Bí ẹ bá fẹ́ dín iye píksẹ́lì ojú mọ́nítọ̀ yín kù, ẹ yan ìwọ̀n tó jẹ́ pé, bí a bá fi gíga rẹ̀ pín ìbú rẹ̀, iye kan náà pẹ̀lú ti mọ́nítọ̀ ni yóò jáde. Mọ́nítọ̀ 1920×1080 ń fún wa ní 1.78, bẹ́ẹ̀ náà ni 1280×720, ṣùgbọ́n 1.33 péré ni 1024×768, nítorí náà bí mọ́nítọ̀ bá nà án kún ojú rẹ̀, ohun tó rí róbótó yóò dà bí ẹyin tó dùbúlẹ̀. Síbẹ̀, ìrísí nìkan ni èyí ń tún ṣe: lẹ́tà kò ní hàn kedere lórí 1280×720, nítorí píksẹ́lì kan àwòrán ní láti tẹ́ sórí píksẹ́lì kan ààbọ̀.