Ojú ewé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sólà fún ọmọṣẹ́ tuntun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Àwa kan ní Àkúrẹ́ ń kọ ojú ewé kan tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sólà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. A ti túmọ̀ wáàtì, fóòtì, áńpù àti áńpù-wákàtí. Wọ́n kà á, wọ́n tilẹ̀ há a sórí, ṣùgbọ́n tí a bá bi wọ́n pé wákàtí mélòó ni bátìrì kan máa fi gbé fáànù àti gílóòbù, wọn kì í mọ ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ mú bíírò, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó wà nínú ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìtumọ̀ wáàtì bá lọ bá fóòtì àti áńpù, tí ìtumọ̀ fóòtì náà sì padà wá bá wáàtì, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọ̀kankan nínú wọn kò rí ibi wọlé. Ó lè há gbogbo rẹ̀ sórí, kó má sì lè fi ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fa ìlà sí, tí ẹ kò tíì ṣàlàyé rẹ̀ lókè, gbèsè ni ẹ jẹ òǹkàwé. Kò gbọ́dọ̀ sí gbèsè kankan nílẹ̀.

Ibi tó dáa jù láti bẹ̀rẹ̀ ni wáàtì, torí òun nìkan ni ọmọṣẹ́ ti rí kó tó wá kọ́ṣẹ́: ó wà lára gílóòbù, lára áyọ́ọ̀nù, lára tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kàn sọ pé wáàtì ń sọ bí nǹkan ṣe ń jẹ iná tó lásìkò tó ń ṣiṣẹ́. Wáàtì-wákàtí ló tẹ̀ lé e: iye iná tó ti jẹ lápapọ̀. Gílóòbù oní-wáàtì 10 tó tàn fún wákàtí 5 ti jẹ wáàtì-wákàtí 50. Ẹ má fi ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ṣeré rárá, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ojú ewé bẹ́ẹ̀ ti ń ṣubú. Lẹ́yìn náà ni fóòtì àti áńpù, kí áńpù-wákàtí tó wá dé. Bí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní ju báyìí lọ:

"Áńpù-wákàtí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní Ah sára bátìrì. Òun pẹ̀lú fóòtì ló ń sọ bí iná tí bátìrì lè tọ́jú ṣe pọ̀ tó. Fi fóòtì sọ ọ́ di púpọ̀, wà á rí wáàtì-wákàtí. Bátìrì 12V 200Ah ní wáàtì-wákàtí 2400. Ah nìkan kò tó láti fi bátìrì méjì wéra, àfi bí fóòtì wọn bá dọ́gba."

Gbólóhùn ìparí yẹn ṣe pàtàkì. Ọmọṣẹ́ tó bá so bátìrì 12V 200Ah méjì pọ̀ ní síríìsì máa rí 24V 200Ah, á sì máa rò pé èkejì ti ṣòfò, torí Ah kò kúrò lójú kan. Tó bá so wọ́n ní páráléèlì, 12V 400Ah ni. Ọ̀nà méjèèjì, 4800Wh ló ń jáde. Ẹ kọ àpẹẹrẹ yìí sábẹ́ ìtumọ̀ náà gan-an, ẹ má gbé e lọ síbòmíràn.

Ẹ wá fi ìṣirò kan dí ojú ewé náà, èyí tó máa lo gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti túmọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní fáànù wáàtì 60, tẹlifíṣọ̀n wáàtì 80, àti gílóòbù mẹ́rin oní-wáàtì 10 ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí bátìrì ásíìdì kan:

```
60 + 80 + (4 × 10) = 180 W
12 V × 200 Ah      = 2400 Wh
2400 × 0.5         = 1200 Wh
1200 × 0.85        = 1020 Wh
1020 ÷ 180         = 5.67 wákàtí
```

Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú. Ìlà kẹta wà níbẹ̀ torí pé bátìrì ásíìdì tí a bá ń lò kọjá ìdajì lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ìlà kẹrin jẹ́ iná tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, 0.85 jẹ́ ìdíwọ̀n tó wọ́pọ̀, kì í ṣe òfin. Ẹ kọ ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá rí 0.5 láìmọ ìdí á lò ó fún bátìrì lítíọ́ọ̀mù náà, bẹ́ẹ̀ a lè lo èyí dé ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: A fi dúróòmù omi ṣàlàyé bátìrì, a sì fi ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ ṣàlàyé wáàtì. Ó yé wọn kíákíá, àmọ́ ọmọṣẹ́ kan wá lo bátìrì ásíìdì tán pátápátá, ó ní dúróòmù ṣáà ṣeé gbẹ. Ṣé ká yọ àfiwé náà kúrò ni?

Ìdáhùn: Ẹ fi sílẹ̀, ó dáa fún ìyàtọ̀ wáàtì àti wáàtì-wákàtí. Ohun tó kù ni kí ẹ kọ ibi tí ìjọra náà parí sí, nínú ìpínrọ̀ kan náà: "Dúróòmù ṣeé lò tán, bátìrì ásíìdì kò ṣeé lò kọjá ìdajì." Ẹ má kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ewé bí àfikún, torí ẹni tí àfiwé bá ti yé kì í ka àfikún. Ẹ tún fi kún un pé omi inú àfiwé yìí kì í ṣe omi tí wọ́n ń bù sínú bátìrì túbúlà. Àwọn kan á pa méjèèjì pọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí a tò ó ní a, b, d?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ tò ó bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún òmíràn, kí ẹ wá ṣe àtòkọ a, b, d kékeré sẹ́yìn. Nínú àtòkọ yẹn, ẹ fi ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ẹrù gan-an síwájú: Ah, kVA, Wh, MPPT, Voc. Ẹni tó dúró nídìí ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Ọba Adésidà kò ní wá "áńpù-wákàtí", Ah tó ń wò ló máa wá. Ẹ rántí pé kọ̀ǹpútà lè da ẹ, gb, ọ àti ṣ rú bó bá ń tò wọ́n. Ẹ fi ojú yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè: Àwọn oníbàárà ń ra ínfátà 1.5kVA, wọ́n ń retí wáàtì 1500. Báwo la ṣe máa túmọ̀ kVA láìdá wọn lágara?

Ìdáhùn: Ẹ má gbìyànjú láti kọ́ wọn ní gbogbo ìdí rẹ̀. Ẹ kọ pé kVA kọ́ ni ẹ máa fi ka ẹrù tí ínfátà máa gbé, wáàtì ni, kí wọ́n wá wáàtì lára ínfátà náà. Bí wọ́n bá kọ 0.8 síbẹ̀, 1500 × 0.8 jẹ́ 1200, ìyẹn ni ó lè gbé. Ẹ fi gbólóhùn kan kún un fún fíríìjì: nígbà tó bá ń ṣẹ̀ṣẹ̀ tan, iná tó ń fà ju wáàtì tó wà lára rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, nítorí náà ẹ má fi 1200 yẹn kún dé ẹnu.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fún ọmọṣẹ́ méjì tí kò tíì kà á rí ní ojú ewé náà àti bátìrì ásíìdì kan, 12V 150Ah, pẹ̀lú ẹrù wáàtì 100. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Ẹ ní kí wọ́n sọ iye wákàtí tó máa gbé e. Ìdáhùn yóò wà láàárín wákàtí méje àti mẹ́jọ. Bí ọ̀kan bá pe nǹkan bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlà ìdajì ni kò rí. Bó bá pe mẹ́sàn-án, ti ínfátà ni. Ibẹ̀ ni kí ẹ tún kọ.