Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ ní Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Ìfẹ́ Tuntun

Ọmọ iṣẹ́ mi kan pàdé ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ Oǹdó sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ọkùnrin náà ti ń pè é ní ìyàwó. Ẹ̀yìn Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, aránṣọ kì í sì í fi etí sílẹ̀ nílé, nítorí náà mo gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìpè wọn. Ó ti gbà mí láyè láti sọ ọ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé kò wo ohun tí wọ́n ń yìn lára rẹ̀. "Ìwọ ni Ọlọ́run fi hàn mí lójú àlá. Kò sí irú rẹ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó." Ó dùn, kò sì sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ dídùn. Ṣùgbọ́n kí ni ọkùnrin yìí ti mọ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta? Ẹni tó ń rí ọ lóòótọ́ máa sọ nǹkan kékeré tó rí: "Bí o ṣe bá ìyá yẹn gbé ẹrù rẹ̀ wù mí." Èyí tó ń kì ọ́ bí ọba, tí kò sì béèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ rí, ó fẹ́ kí o jẹ òun ní gbèsè ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló wá gba gbèsè. Ó ní kó wá sùn nílé òun ní Ọ̀bà-Ilé. Ọmọ náà ní ó ti yá jù. "Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti sọ fún ọ? O ò nífẹ̀ẹ́ mi nìyẹn."

Níbí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe àṣìṣe tó tóbi jù: a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọmọ náà ní òun ní iṣẹ́ láàárọ̀. Ọkùnrin náà ní òun á fi ọkọ̀ gbé e wá. Ọmọ náà ní ẹ̀gbọ́n òun á wá òun. Ọkùnrin náà ní kó sọ pé ilé ọ̀rẹ́ ni òun wà. Gbogbo àwíjàre tí o bá gbé kalẹ̀ ni yóò wá ojútùú sí. Sọ "rárá" lẹ́ẹ̀kan, kí o dákẹ́, kí o wá máa wo ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́, inú ẹnikẹ́ni lè bàjẹ́. Wò ó bóyá ìbéèrè kan náà tún wọ aṣọ mìíràn padà wá. Ti ọmọ yìí, ọkùnrin náà kò gbé ìpè rẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko. Lọ́jọ́ kejì ó ra bàtà fún un, nígbà tó di alẹ́ ó tún ní kó wá sùn.

Ọkùnrin náà tún ní kó má tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ayé le. Ta ni kò ní gba ìyẹn gbọ́ láàárín wa? Ṣùgbọ́n ìdí tí àwọn àgbà fi ń rán alárinà ni kí wọ́n lè wádìí ilé tí wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó ní kí o pa ẹnu mọ́ ti dí ọ̀nà ìwádìí. Mo bi í bóyá ẹnì kan wà ní ìhà ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà tó mọ orúkọ òun. Kò sí. Ọkùnrin náà mọ ṣọ́ọ̀bù, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ọmọ náà kò mọ orúkọ bàbá ọkùnrin náà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìwà ipá ní 2015 ka fífi ipá ya ènìyàn kúrò lára ẹbí sí ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ níbẹ̀rẹ̀, kì í jọ ipá. Ẹ̀bẹ̀ ló máa ń jọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ náà ń wọn oníbàárà, kò gbé fóònù. Ọkùnrin náà já wọ ṣọ́ọ̀bù, ó lu tábìlì, ó ń pariwo. Mo jáde láti ẹ̀yìn. Kíá ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀: "Ẹ káàsán mà." Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀ níta, ó ń sunkún, ọmọ náà sì ń wo omijé. Èmi, "ẹ káàsán" yẹn ni mò ń rò. Ẹni tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu lójú àgbà mọ ẹni tó ń yọ ìbínú sí.

Ìjà kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí o. Ẹni tó bínú, tó bẹ̀bẹ̀, tí kò sì tún un ṣe, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe wá pọ̀ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún ló bà mí lẹ́rù.

Ọmọ náà fẹ́ lọ sí Ọ̀bà-Ilé lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti parí. Mo ní kó má dán an wò. Ọ̀sán ni ó pè é, láti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò pé ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ó pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, ó sì ṣí Linked devices lórí WhatsApp, níbi tí a ti ń rí ẹ̀rọ mìíràn tó so mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Ó yọ ọ́ kúrò. Bàtà náà? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó o fún ọlọ́kadà kó gbé e padà fún ọkùnrin náà.