Bí mo ṣe ṣàpèjúwe àwòrán apá ọmọ kan fún dókítà

Ìyá Kúnlé, tí a jọ gbé Kúbúwà kí ó tó kó lọ sí Gwagwaládà, fi fọ́tò apá ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù: “Ẹ bá mi wò ó, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé làpálàpá ni?” Nítorí pé wọ́n ń múra láti lọ rí dókítà, mo ní n óò kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ fún un, láìdárúkọ àìsàn kankan.

Abẹ́ gílóòbù ni wọ́n ti ya fọ́tò àkọ́kọ́. Bí ara adúláwọ̀ bá pọ́n, ó lè dúdú tàbí kí ó rí bí àwọ̀ àlùkò, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù sì máa ń yí ìyẹn gan-an padà. Mo ní kí wọ́n tún un yà lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, kí wọ́n gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ya òmíràn tí gbogbo apá náà yóò ti hàn.

Mo wá kọ ọ́ báyìí: “Àmì kan ṣoṣo ló hàn ní apá òsì, nísàlẹ̀ ìgúnpá. Ó rí roboto, ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3. Etí rẹ̀ dá yàtọ̀, ó dúdú ju awọ tó yí i ká lọ, ó sì ní ìpẹ́ funfun wẹ́wẹ́. Àárín rẹ̀ mọ́ ju etí lọ. N kò rí omi, ọyún tàbí èépá. N kò lè mọ̀ láti inú àwòrán bóyá ibẹ̀ gbóná, bóyá ó ń dùn ún, tàbí bóyá irú rẹ̀ wà níbòmíràn lára.”

Lóòótọ́, ó jọ làpálàpá. Ṣùgbọ́n àmì ẹ̀tẹ̀ náà lè rí roboto, kámẹ́rà kò sì lè sọ bóyá ara ti kú níbẹ̀. Mo ní kí ìyá rẹ̀ fa òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ọmọ dijú, kí ó sì máa nàka síbi tí òwú bá ti kàn án. Ó nàka sí i dáadáa, ó sì ní ó ń yún òun. Mo kọ èyí lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n sọ fún mi, mo sì fi kún un pé kò mú ẹ̀tẹ̀ kúrò pátápátá, torí ọmọdé lè méfò, ara kì í sì í tètè kú nínú gbogbo àmì ẹ̀tẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni ohun tí wọ́n ti fi pa á. Ìpara ọjà ni, bẹtamẹ́tásóònù, tí í ṣe oògùn sítẹ́rọ́ìdì, sì wà lára ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá kan làpálàpá, pípọ́n àti yíyún a rọlẹ̀, ìpẹ́ a dín kù, etí a sì pòórá díẹ̀díẹ̀, nígbà tí olú, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa làpálàpá, ṣì ń tàn kálẹ̀. Nítorí náà, ara tí oògùn ti fọwọ́ kàn ni mo ń wò nínú fọ́tò yẹn. Mo ní kí wọ́n má fi pa á mọ́ títí dókítà yóò fi rí i, kí wọ́n mú páálí náà dání, kí wọ́n sì béèrè bóyá a lè ha díẹ̀ lára ìpẹ́ etí rẹ̀ fún àyẹ̀wò lábẹ́ maikirosikópù.