Fíìdíbáàkì gìtá: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí kì í jẹ́ kó di orin

Ọ̀pọ̀ onígìtá tí mo ti bá pàdé ló gbà pé fíìdíbáàkì, ìyẹn ohùn gígùn tí gìtá oníná máa ń mú jáde bó bá wà nítòsí sípíkà, jẹ́ ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ síni. Wọ́n á ṣí fólúùmù dé òpin, wọ́n á dúró síwájú ámpù, wọ́n á sì máa retí. Bó bá kọrin, inú wọn á dùn. Bó bá súfèé burúkú, wọ́n á sáré pa á. Bí kò bá sì ṣe nǹkan kan, wọ́n á ní ámpù náà kò lágbára tó. Ìdúró-retí yìí ni àṣìṣe tó bí gbogbo àṣìṣe yòókù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Okùn gìtá á mì, píkọ́ọ̀pù, ìyẹn máágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wé wáyà mọ́ tó wà lábẹ́ okùn, á gbé mímì náà lọ sí ámpù, ámpù á sọ ọ́ di ńlá, sípíkà á tì í jáde sínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á sì padà wá lu okùn kan náà. Ẹ rántí bí a ṣe ń ti ọmọdé lórí jangílọ́fà. Bí ẹ bá tì í nígbà tó ń lọ, á máa ga sí i. Bí ẹ bá tì í nígbà tó ṣì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ ó dá a dúró ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ sípíkà ṣe ń ṣe sí okùn. Nítorí náà nǹkan méjì ló ń mú fíìdíbáàkì wá: agbára, àti àsìkò tí títì náà bọ́ sí. Fólúùmù lè fún yín ní agbára. Kò lè fún yín ní àsìkò.

Mo máa ń gbọ́ pé Jimi Hendrix, onígìtá ará Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì gba èyí gbọ́ á pàdánù ẹ̀kọ́ tó dára jù nínú ìtàn náà. Kí Hendrix tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966, àwọn Beatles ti fi fíìdíbáàkì bẹ̀rẹ̀ orin kan. Ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1964 ni wọ́n gba ohùn “I Feel Fine” sílẹ̀ ní sítúdíò EMI, ní Lọ́ńdọ̀nù. Gìtá onígi tó ní ihò láàárín, tó sì ní píkọ́ọ̀pù lára, ni John Lennon ń lò. Ó gbé e ti ámpù láìpa á. Paul McCartney wá ta ohùn A lórí gìtá béèsì rẹ̀, gìtá Lennon sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Okùn A ti gìtá béèsì fi ọ́kítéèfù kan rẹlẹ̀ sí okùn A ti gìtá Lennon, ìyẹn ni pé ìdajì iye ìgbà tí ti Lennon ń mì ló ń mì, nítorí náà ohùn béèsì ti ní ohùn okùn yẹn nínú. Igi gìtá tó ṣófo sì máa ń tètè gbọ̀n bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, ó sì fara ti àpótí ámpù gan-an. Gbogbo nǹkan tó yẹ ló pàdé lójú kan náà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà: wọ́n béèrè lọ́wọ́ George Martin, tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, bóyá ó lè wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n sì tún un ṣe bí wọ́n ti ń gba orin náà léraléra. Ìgbà tí wọ́n lè tún un ṣe ló kúrò ní àṣìṣe. Ní ọdún 1965, nígbà tí Pete Townshend, onígìtá ẹgbẹ́ The Who, kó o sí àárín “Anyway, Anyhow, Anywhere”, èrò àwọn tó ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù wọn ní Amẹ́ríkà ni pé téèpù tí wọ́n gbà ti bàjẹ́. Etí àwọn ènìyàn kò tíì mọ̀ pé ẹnì kan lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀rọ̀ àsìkò, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àṣìṣe tí mò ń rí jù ni kí onígìtá dúró sójú kan, kó sì máa yí fólúùmù. Ẹsẹ̀ ló yẹ kó yí.

Ẹ gbé ìka sí fírẹ́ẹ̀tì kejì lórí okùn G. Ohùn A ni, ó ń mì nígbà 220 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú yàrá tó móoru bíi tiwa, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 345 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá fi 220 pín 345, ẹ ó rí i pé ìgbì kan ohùn yìí gùn tó sẹ̀ǹtímítà 157. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ bíi 78. Ká ní ẹ ti rí ibi tí ohùn náà ti ń kọrin dáadáa. Ẹ rìn sẹ́yìn sẹ̀ǹtímítà 78, ìyẹn ìṣísẹ̀ ńlá kan. Afẹ́fẹ́ tó ń ti okùn lọ síwájú tẹ́lẹ̀ ti wá ń tì í sẹ́yìn báyìí, ohùn náà á sì fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n okùn kì í mì ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Nínú ohùn 220 yẹn, ohùn 440 wà níbẹ̀, ọ́kítéèfù kan lókè rẹ̀. Ìgbì tirẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 78 péré. Ìgbì kan gbáko lẹ rìn fún òun, nítorí náà títì ṣì bọ́ sí àsìkò fún un. Ohùn ìsàlẹ̀ á yọ́ lọ, tòkè á sì gòkè wá gbapò rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ kí ohùn gìtá kan máa gùn, kó sì ṣàdédé fò sókè bí ẹni pé ó ń yí padà di fèrè, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè pè é nípa ìṣísẹ̀ kan.

Má ṣe gbé ìṣirò yìí wọ orí ìtàgé bí òfin o. Ògiri ń dá ìró padà, ámpù àti sípíkà náà sì ń fa àsìkò sẹ́yìn díẹ̀. Ìṣirò ń sọ fún yín bí ẹ ó ṣe rìn jìnnà tó. Etí ló ń wá ojú ibẹ̀ fún yín.

Onígìtá Robert Fripp ṣe ìwádìí ojú ibẹ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Ní ọdún 1977, ó wá bá akọrin David Bowie ní sítúdíò Hansa ní ìlú Bẹ̀lín láti ta gìtá sí orin “Heroes”. Tony Visconti, tó bójú tó iṣẹ́ náà, ti ṣàlàyé pé Fripp máa ń wọn ìjìnnà láti sípíkà dé ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti ń padà wá fúnra rẹ̀, tó sì sàmì sí ilẹ̀. Ohùn A lè wà ní bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ohùn G ní bíi mẹ́ta àbọ̀. Bó bá fẹ́ ta F ṣáàpù, á lọ dúró sórí àmì F ṣáàpù. Ohùn gígùn tó ń yí bí omi lórí orin yẹn, ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo ti lẹ téèpù mọ́ ilẹ̀ yàrá ìdánrawò mi bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán kan péré ló gbà mí, mo sì jèrè ju ọdún méjì tí mo fi ń yí fólúùmù kiri lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sún ámpù, àmì náà ti di asán, a ó tún un wọn.

Àṣìṣe mìíràn ni kí èèyàn má mọ ìyàtọ̀ láàárín okùn tó ń kọrin àti píkọ́ọ̀pù tó ń súfèé. Méjèèjì ń wá láti ara fíìdíbáàkì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo okùn. Bí ohùn náà bá kú, okùn ni. Bó bá ṣì ń ké bí abẹ́rẹ́, tí ohùn rẹ̀ kì í yí padà bí ẹ bá yí ìka padà, píkọ́ọ̀pù ni. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé mọ́ máágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ti tú díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Kò sí ibi tí ẹ lè dúró sí tí yóò fi di orin. Ìda ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀: wọ́n á yọ́ ìda àbẹ́là pọ̀ mọ́ ìda oyin díẹ̀, wọ́n á rì í sínú rẹ̀ ní nǹkan bíi ìwọ̀n 65 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi hó jáde tán. Ẹ má gbé ìda sórí iná tààrà láéláé. Inú ìkòkò omi gbígbóná ni kí agolo ìda wà, torí ìda ń gbiná, ooru tó bá sì pọ̀ jù á yọ́ ike píkọ́ọ̀pù.

Bí okùn bá ti ń kọrin tán, okùn tí ẹ kò pè ló máa ń ba nǹkan jẹ́. Fíìdíbáàkì kì í bèèrè èyí tí ẹ fẹ́. Okùn tó bá rọrùn jù fún un láti gbọ̀n ló ń mú, okùn E tó nípọn ló sì sábà máa ń jẹ́. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ sùn lórí àwọn okùn tó nípọn, kí ìka òsì tó kù sì fara kan àwọn tó tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà kò sí ìdí láti ta okùn náà kíkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ “Foxy Lady”, ọdún 1967, Hendrix kàn ń fi ìka gbọ̀n okùn mọ́ra ni, ohùn náà sì ń wú jáde láti inú ìdákẹ́jẹ́.

Ẹni tó ń gbé nínú fúláàtì lè rò pé òun kò lè kọ́ èyí láìjẹ́ kí àwọn ará ilé pariwo. Ẹ tẹ orí gìtá, ibi tí àwọn kọ́kọ́rọ́ okùn wà, mọ́ ara àpótí sípíkà. Igi á gbé gbígbọ̀n náà láti igi sí igi, ohùn á sì dìde ní fólúùmù tó kéré gan-an. Èmi a máa fi èyí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá mi ṣe ìdánrawò. Ẹ tún ṣọ́ etí yín: níbi tí ariwo bá ti tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100, ìwọ̀n tí ámpù kan lè dé tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́ ni àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi sí ààlà. Rọ́bà etí kì í dí fíìdíbáàkì lọ́wọ́.

Àwọn tó ń bójú tó ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá wà lára ọ̀rọ̀ yìí náà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n pa ariwo bẹ́ẹ̀ kí ó tó dìde. Mo ti wà lórí ìtàgé rí, ohùn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú bọ̀, ni ẹni tó wà nídìí míkísà bá fa mí wálẹ̀ pátápátá. Kò jẹ̀bi. Èmi ni mi ò sọ fún un. Látìgbà náà, mo máa ń lọ bá a kí orin tó bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ní àárín orin kẹta gìtá á hu fún ìgbà díẹ̀, èmi ni mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa á. Tí mo bá kẹ̀yìn sí ámpù, ó ti parí nìyẹn.” Mo ń kẹ̀yìn sí i lóòótọ́, kí ara mi dènà afẹ́fẹ́, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì bo okùn, mo sì ń fi ìka kékeré yí fólúùmù gìtá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí ẹ bá fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á tún bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà àkọ́kọ́ akọrin.