“Mọ́mì, ẹ fi kóòdù ránṣẹ́”: Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá fẹ́ tún kọ̀ǹpútà òbí tó wà lókè òkun ṣe láti ilé

Ìyá wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ́nù, ọmọ wà n'Íbàdàn. Láputọ́ọ̀pù ìyá, Windows 11, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkìlọ̀ jáde ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún: kòkòrò ti wọ inú ẹ̀rọ yín, ẹ pe nọ́ńbà yìí kíákíá. Ọmọ mọ̀ pé kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Wẹ́ẹ̀bù kan ni Mọ́mì tẹ “Allow” fún nígbà kan láìmọ̀, òun ló ń ti inú Chrome fi ìkìlọ̀ èké ránṣẹ́. Iṣẹ́ kékeré ni, bí ọmọ bá sáà lè rí ojú kọ̀ǹpútà náà. Ló bá kọ èyí sórí Wáàsáàpù:

“Mọ́mì, ẹ dáńlóòdù Chrome Remote Desktop. Ohunkóhun tó bá bi yín, ẹ sáà máa tẹ Yes. Tó bá parí, ẹ fi kóòdù ránṣẹ́ sí mi.”

Irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a gbọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ máa ń kọ. Irinṣẹ́ náà kò burú rárá. Gúgù ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó wà n'Íbàdàn sì lè fi í rí ojú kọ̀ǹpútà tó wà ní Lọ́ńdọ́nù, kó sì máa darí rẹ̀ bí ẹni pé ó jókòó tì í. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ló burú. Bí Mọ́mì bá pe nọ́ńbà tó wà nínú ìkìlọ̀ èké yẹn, ohun tí gbájúẹ̀ tó máa gbé e yóò sọ fún un nìyẹn gẹ́lẹ́: ẹ dáńlóòdù, ẹ tẹ Yes, ẹ ka kóòdù fún mi. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì, kí ló máa mú un fura nígbà tí àjèjì bá sọ ọ́? Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ dáńlóòdù”: níbo?

Orí fóònù ni Mọ́mì ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, orí fóònù náà ni yóò ti fẹ́ ṣe é. Bí ẹ bá tilẹ̀ fi líǹkì sí i, fóònù ni líǹkì náà máa ṣí sí bó bá ti tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ láputọ́ọ̀pù ni a fẹ́ rí. Àṣìṣe yìí nìkan ti jẹ ìrọ̀lẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn: ọmọ ń sọ pé “ẹ tẹ àmì aláwọ̀ búlúù”, ìyá ń wá a lórí fóònù, kò sì sí níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé láputọ́ọ̀pù ni, kì í ṣe fóònù.

Bí kò bá sí àdírẹ́sì nínú àtẹ̀jíṣẹ́ rárá, yóò lọ wá orúkọ náà lórí Gúgù. Ohun tó bá yọ lókè pátápátá lè jẹ́ ìpolówó tí ẹlòmíràn sanwó fún, tí orúkọ rẹ̀ fara jọ ti gidi. Ẹ má fi òbí yín síbi tí yóò ti máa yan èyí tó jẹ́ ojúlówó. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni kí ẹ fún un, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú ibi gbọọrọ tó wà lókè Chrome:

```
remotedesktop.google.com/support
```

Ẹ má gé `/support` tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò. Ojú ewé mìíràn wà tó parí sí `/access`. Ìyẹn máa ní kí Mọ́mì yan PIN, á sì sọ kọ̀ǹpútà náà di èyí tí a lè wọ̀ nígbàkigbà, yálà ó jókòó síbẹ̀ tàbí kò sí nílé. Kì í ṣe ohun tí a ń wá nìyẹn. `/support` ń fúnni ní nọ́ńbà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, tó bá sì ti tán, ó tán.

“Ẹ sáà máa tẹ Yes”

Èyí ló bí mi nínú jù. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibi méjì ló ṣe pàtàkì kí Mọ́mì dúró kó kàwé, ọmọ sì ti ní kó fò ó.

Ibi kìíní ni ìgbà tí fáìlì náà bá ti wọlé, tí ó sì tẹ̀ ẹ́. Windows máa mú kí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, á sì béèrè bóyá kí ohun èlò yìí ṣe àyípadà sínú ẹ̀rọ. Lábẹ́ ìbéèrè náà, ọ̀rọ̀ kan wà tó ní “Verified publisher”. Ohun tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e ni `Google LLC`. Bí orúkọ mìíràn bá wà níbẹ̀, tàbí tí Windows bá kọ “Unknown”, “No” ni kó tẹ̀, nítorí ohun tó dáńlóòdù kì í ṣe ti Gúgù.

Ibi kejì la máa dé láìpẹ́.

“Kóòdù”: èwo nínú wọn?

Àgbàlagbà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù lónìí, kóòdù ló fi ń gbé ayé. Báńkì ń fi ránṣẹ́, Wáàsáàpù ń fi ránṣẹ́, dókítà pàápàá ń fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá kọ “ẹ fi kóòdù ránṣẹ́” láìsọ irú èyí tó jẹ́, ó lè ṣí ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù ń wọlé sí, kó mú nọ́ńbà mẹ́fà tí Wáàsáàpù tàbí báńkì fi ránṣẹ́, kó fi fún yín. Ọmọ ni ẹ, ẹ ò ní ṣe é ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ pé bí ẹni tó fọkàn tán bá béèrè, nọ́ńbà orí fóònù ṣeé fi sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gba Wáàsáàpù lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà nìyẹn.

Ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un. Nọ́ńbà méjìlá ni, ojú láputọ́ọ̀pù ló ti máa jáde lẹ́yìn tó bá tẹ “Generate Code”, kò sì ní bá fóònù wọlé láé. Bí nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá pé méjìlá, òun kọ́ là ń sọ.

“Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi”

Ìṣẹ́jú 5 péré ni nọ́ńbà méjìlá yẹn fi ń wà láàyè. Mọ́mì á wá pẹ́ńsù, á da nọ́ńbà kọ sórí ìwé, á wá jígí, á tẹ̀ ẹ́ sórí Wáàsáàpù. Nígbà tí ọmọ bá fi máa rí i, ó ti kú. Wọ́n á tún òmíràn ṣe, ìyẹn náà á kú, inú á bí tọ̀tún tòsì. Bó bá tún ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù ẹbí, gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti rí i nìyẹn.

Ẹnu la fi ń kà á, lórí fóònù, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ti jókòó. Kó kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ máa tún un kà padà. (Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa fi kà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á bó ṣe rọrùn fún wọn.) Ó sì dára kó jẹ́ òbí ló pe ọmọ, lórí nọ́ńbà tó ti wà nínú fóònù rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè pè é kó ní òun ni ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òun fúnra rẹ̀ pè, ó mọ ẹni tó pè.

Ẹ rántí aago pẹ̀lú. Láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ́nù àti ti Nàìjíríà bára dọ́gba; nígbà òtútù, tiwọn fi wákàtí kan kéré sí tiwa.

Ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́

Ibi kejì tí mo ní a máa dé nìyí. Bí ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà náà sí ojú ewé kan náà n'Íbàdàn, kọ̀ǹpútà Mọ́mì máa gbé àpótí kan jáde tó ní ẹni báyìí, pẹ̀lú ímeèlì rẹ̀, fẹ́ rí ojú kọ̀ǹpútà yín kó sì máa darí rẹ̀. Bó bá tẹ “Share”, ilẹ̀kùn ti ṣí. Bí nọ́ńbà bá tilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìgbà ìkẹyìn tí a lè rí i nìyí, nítorí ímeèlì tirẹ̀ ló máa hàn. Ṣùgbọ́n báwo ni Mọ́mì ṣe máa mọ̀ bí ẹ ò bá kọ tiyín fún un ṣáájú? Ìyá tó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ lè má mọ ímeèlì rẹ̀ o.

Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ rèé:

“Ẹ káàsán mà. Ọ̀rọ̀ láputọ́ọ̀pù yẹn, aago 5 ìrọ̀lẹ́ òní ti Lọ́ńdọ́nù la máa ṣe é. Ẹ̀yin ni kí ẹ pè mí, lórí nọ́ńbà mi tó wà nínú fóònù yín. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé èmi ni mo rán òun, ẹ gé e.

Ẹ kọ́kọ́ pa ojú ewé báńkì yín dé. Ẹ ṣí Chrome lórí láputọ́ọ̀pù, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ tẹ àdírẹ́sì ìsàlẹ̀ yìí sí òkè pátápátá, kí ẹ tẹ Enter, kí ẹ dúró síbẹ̀. A ó jọ ṣe ìyókù.

Nọ́ńbà méjìlá máa jáde lójú láputọ́ọ̀pù. Ẹ kà á fún mi lẹ́nu. Nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, títí kan èmi.

Ímeèlì kan máa hàn lẹ́yìn náà. Tí kì í bá ṣe tèmi tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, ẹ má tẹ Share.”

Lábẹ́ rẹ̀ ni màá kọ àdírẹ́sì náà àti ímeèlì mi sí. Ó gùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ kò lè díbọ́n bí ẹni tó kọ ọ́, torí nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tí a dárúkọ níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ojú ewé náà lè ní kí Mọ́mì fi Gmail rẹ̀ wọlé. Òun ni kó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà fúnra rẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí

Ní ti ìkìlọ̀ èké tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, `chrome://settings/content/notifications` lọmọ máa lọ, kó yọ wẹ́ẹ̀bù tí kò mọ̀ kúrò lábẹ́ “Allowed to send notifications”. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣìṣe tó kù ni kí ọmọ kàn gé fóònù. Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ “Stop Sharing” nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ìlà, kó lè mọ ibi tó wà lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, ẹ sọ fún un pé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni irinṣẹ́ náà á máa bi í bóyá kó máa bá a lọ, kó má bàa já a láyà.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé àjèjì ti wọlé ṣáájú kí ẹ tó gbọ́, kó tẹ “Stop Sharing”, kó pa Wi-Fi, kó fi fóònù pe 159, tó máa so ó pọ̀ mọ́ báńkì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí rẹ̀. Orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kó ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, kì í ṣe orí láputọ́ọ̀pù yẹn.