Orúkọ kan, sípẹ́lì mẹ́ta: ìtọ́sọ́nà fún ìdílé ní Ìkòròdú kí wọ́n tó béèrè fíísà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú, Adéṣọlá ni à ń pe ọmọ láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ àwọn ìwé rẹ̀ kò fẹnu kò lórí bí a ṣe ń kọ orúkọ náà. Akọ̀wé tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìbí kọ ADESOLA láìfi àmì sábẹ́ S, olùkọ́ tó bá a kún fọ́ọ̀mù ìdánwò sì kọ ADESHOLA nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé fíísà wò kò gbọ́ ohùn wa. Lẹ́tà tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló ń rí.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ àgbẹ̀ kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Ìjẹ̀dé, tó fẹ́ fi owó tó wà ní báńkì rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé ẹ̀rí ìbí, ọmọ náà ń jẹ́ OSINOWO SUKURAT ADESOLA, bàbá rẹ̀ sì ń jẹ́ OSINOWO SUMONU. Ìwé ẹ̀rí WAEC kọ OSHINOWO SHUKURAT ADESHOLA. Àkáǹtì bàbá ń jẹ́ OSHINOWO SUNMONU. Ọmọ kò tíì ní ìwé ìrìnnà.

Orúkọ ọmọ ni gbogbo ilé yóò kọ́kọ́ máa wò, bẹ́ẹ̀ orúkọ bàbá gan-an ni ọ̀ràn ti sábà máa ń bàjẹ́. Nígbà tí owó bá wà nínú àkáǹtì òbí, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti fi ìwé ẹ̀rí ìbí hàn pé òbí òun ni, pẹ̀lú lẹ́tà tí òbí fọwọ́ sí pé òun fara mọ́ ọn kí a ná owó náà. Òṣìṣẹ́ yóò wá gbé ìwé ìbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé báńkì. Bí ọ̀kan bá sọ pé SUMONU tí èkejì sọ pé SUNMONU, owó náà lè dà bí owó àjèjì.

Nítorí náà, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sórí tábìlì, kí ẹ da orúkọ inú wọn kọ sórí pépà kan ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ti òbí àti ti ọmọ, títí kan orúkọ tó ṣíwájú àti èyí tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ yan sípẹ́lì kan ṣoṣo. Ní tèmi, èyí tó wà lórí ìwé tó ṣòro jù láti tún ṣe ni kí ẹ yàn, ìwé ẹ̀rí WAEC ló sì sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, OSHINOWO wà ní WAEC, ó wà ní báńkì. Òun ni kí a mú, kí a má sì fọwọ́ kan àkáǹtì bàbá rárá.

NIN ọmọ ni ká kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni orúkọ ti ń bọ́ sínú ìwé ìrìnnà. Bí ó bá jẹ́ pé àkáǹtì bàbá ló yàtọ̀, NIN tirẹ̀ ni yóò ṣíwájú BVN, torí báńkì yóò fi ọ̀kan wo èkejì. Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ gba ìwé ìrìnnà, ẹ ka orúkọ náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ìwé ìbí lè wà bó ṣe wà, kí ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ gíga so ó mọ́ àwọn yòókù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á búra pé àwọn yí orúkọ padà, nígbà tí wọn kò yí nǹkan kan padà. Ohun tí bàbá ní láti búra lé lórí ni pé OSINOWO SUMONU inú ìwé ìbí ọmọ òun àti OSHINOWO SUNMONU inú àkáǹtì òun, ẹnì kan náà ni wọ́n. Kí ọmọ náà búra tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí a kọ gbogbo sípẹ́lì méjèèjì síbẹ̀ láìgé kúrú. Bí ẹ bá tún gbé e sínú ìwé ìròyìn, ẹ tọ́jú odindi ojú ewé tí déètì wà lórí rẹ̀.

Ní ti owó, ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra láìdín sí iye tí wọ́n béèrè, ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ báńkì parí sí kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ kí ẹ tó san owó fíísà. Ẹni tí ó ń ṣàtúnṣe orúkọ ní báńkì kò gbọdọ̀ tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde ṣáájú kí àtúnṣe tó parí.

Fọ́ọ̀mù fíísà yóò béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ́ orúkọ mìíràn rí. Kí ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kí ó kọ OSINOWO SUKURAT ADESOLA síbẹ̀, kí ó sì so ìwé ìbúra mọ́ ọn.