Ẹ̀bùn lótò tó tóbi kọ́ ni owó tó máa dé ọwọ́ yín

Ní ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́, mo gbọ́ tí bàbá kan ń sọ fún ọmọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pé òun kì í ta tẹ́tẹ́ lótò tí ẹ̀bùn rẹ̀ bá kéré. Ó di ìgbà tó bá gòkè kí òun tó fi owó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe é mọ́, kí ẹ tó mọ iye èèyàn tó ń ta á pẹ̀lú yín.

Lótò tí a ti ń mú nọ́ńbà 6 nínú 49 ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀nà 13,983,816 ni a lè gbà mú wọn, ká pè é ní mílíọ̀nù 14. Àǹfààní yín láti jẹ kò yí padà, bí ẹ̀yin nìkan lẹ ta á tàbí gbogbo ìlú. Ohun tó ń yí padà ni iye èèyàn tí nọ́ńbà yín kan náà wà lọ́wọ́ wọn, nítorí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má mú un; bó bá sì jáde, gbogbo yín lẹ máa pín ẹ̀bùn náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀bùn jẹ́ mílíọ̀nù 300 sẹ́fà, tí wọ́n sì ta tíkẹ́ẹ̀tì mílíọ̀nù 3. Bí ẹ bá jẹ, ìgbà 81 nínú 100 ni ẹ máa dá jẹ ẹ́. Bí a bá ro ìgbà tí ẹ máa pín in mọ́ ọn, ìpín yín máa tó mílíọ̀nù 270. Wàyí o, ẹ̀bùn di mílíọ̀nù 600, ariwo ta, àwọn tí kì í ta á tẹ́lẹ̀ wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì di mílíọ̀nù 28. Ìgbà 14 péré nínú 100 ni ẹ máa dá jẹ. Ìpín yín, tí a bá ṣírò rẹ̀ bákan náà, á wá sílẹ̀ sí bíi mílíọ̀nù 259. Ẹ̀bùn di ìlọ́po méjì, owó yín sì dín!

Ìṣirò yìí gbà pé kálukú kàn ń mú nọ́ńbà láìwo ibì kan. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìbí ọmọ là ń mú, èyí tí kò lè ju 31 lọ, tàbí ká fa ìlà tó rẹwà lórí ìwé. Ní Bìrìtìkó, ní January 14, 1995, nọ́ńbà mẹ́fà tó jáde ni 7, 17, 23, 32, 38 àti 42. Èèyàn 133 ló ti mú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ̀bùn tó lé ní mílíọ̀nù 16 pọ́n-ùn wá di nǹkan bí 122,510 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ẹ̀bùn lótò Páwábọ́ọ̀lù tó lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là, ní January 2016, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló pín in.

Tó bá jẹ́ irú eré tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé iye báyìí ni wọ́n máa san fún ẹnikẹ́ni tó bá jẹ, kò sí pípín níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè kí ẹ tó sanwó: ṣé a máa pín in ni, àbí iye kan ni fún kálukú?